Apá Gáùn Tí A Nù Kúrò

Nígbà tí mo di ìyàwó onífọ́tò ní Bẹ́yẹrúnkà, àwọn ará ilé wa rò pé iṣẹ́ mi ò ní ju kí n máa gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí n sì máa kí oníbàárà kú ìjókòó. Wọ́n gbàgbé pé ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni mo gbé dàgbà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ mi níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ tó bá lè fi òwú ya òdòdó sí etí aṣọ kò ní í gbọ̀n bí ẹ bá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì. Baálé mi ló ń ya fọ́tò, èmi ni mo ń tún un ṣe. Bí kọ́là ọrùn aṣọ ènìyàn bá wọ́, èmi ni mo ń tọ́ ọ. Bí eṣinṣin bá bà lé imú olóyè nígbà tí wọ́n ń yà á lọ́wọ́, èmi ni mo ń lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo ayé bí olówó lára ògiri ilé wọn n'Ìbàdàn, èmi ni mo fún wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n n ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi. Ìyá kan tó ń ta òwú ní Ọjà'ba ló gbé e wá. Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Pópó Yemọja, ọkọ náà ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló sì bí fún un. Tíṣà ni ọmọ náà. Ó ti lọ sí Sàró, ó kàwé gboyè níbẹ̀, ó ti padà dé. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìlú Òyìnbó tó ni oyè náà ni yóò ti wá, ọkọ̀ òkun kò sì tíì gbé e dé. Gáùn tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í joyè, yíyá ni wọ́n yá a, ó sì dá a padà. Fọ́tò tí wọ́n yà fún un lọ́jọ́ náà, àwo gíláàsì tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ fọ́ kí wọ́n tó tẹ ẹyọ kan jáde. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ṣe délé láìní nǹkan kan lọ́wọ́ àfi ẹnu rẹ̀.

Ẹ sì mọ agbo ilé. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní gbogbo ẹni tó bá yege ní Sàró ló ń ní fọ́tò tó ti wọ gáùn, kí tíṣà fi tirẹ̀ han àwọn. Nígbà tí kò rí i fi hàn, ó ní ọmọ náà kò yege, ó kàn jẹ iṣu àwọn ará Sàró ni, ó padà wálé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń rìn kiri Pópó Yemọja. Ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí ẹbí ṣe ìdúpẹ́ tíṣà, Pásítọ̀ tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ilé ìwé ni wọ́n sì pè. Ọwọ́ Pásítọ̀ yìí ni ipò ọ̀gá ilé ìwé tuntun wà, tíṣà ló sì ní lọ́kàn láti fi síbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ níwájú rẹ̀ pé onírọ́ ni tíṣà, tí kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi dáhùn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, orúkọ náà sì ti bàjẹ́.

Ìyá náà jókòó, ó fi gèlè nu ojú. Ó ní, “Ẹ bá mi wọ gáùn fún un.”

Àwa ti ya tíṣà fúnra wa lẹ́yìn tó dé. Ó jókòó lórí àga wa kan ṣoṣo tó ní orí kìnnìún lápá, ó wọ kóòtù, kò dé fìlà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Àwo gíláàsì rẹ̀ wà nínú àpótí. Baálé mi ní ó ṣeé ṣe. A ó tẹ fọ́tò ńlá jáde lára àwo náà, èmi yóò kun gáùn lé kóòtù, màá gbé fìlà lé e lórí, màá fi húùdù kọ́ ọ lọ́rùn. Húùdù ni aṣọ kékeré tí àwọn tó gboyè ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan là ń rí ní èjìká àti láyà bí ènìyàn bá kọjú síni. Bí mo bá ti kùn ún tán, baálé mi yóò tún fi kámẹ́rà ya fọ́tò tí mo kùn, kí ojú ọ̀dà àti ojú fọ́tò lè di ọ̀kan. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, ojú lásán ò lè mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì kan án.

N ò rí ohun tó burú níbẹ̀, n ò sì tíì rí i títí dòní. Ọmọ náà wọ aṣọ ọ̀hún lóòótọ́. Ohun tó ti ara rẹ̀ kúrò ni mo fẹ́ dá padà.

Kí tíṣà tó lọ sí Ọ̀yọ́ fún iṣẹ́ ìjọ, ó wá bá wa, ó sì ṣàlàyé aṣọ náà fún mi. Ó ní gáùn dúdú ni, apá rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu níwájú, ó sì ṣe ṣónṣó nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé apá kóòtù ènìyàn máa ń hàn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó ní húùdù náà dúdú, irun ẹranko funfun ló yí etí rẹ̀ ká. Fìlà onígun mẹ́rin ni, tó tẹ́ bí àwo, okùn òwú kan sì ń jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹfun yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n tíṣà lọ sí Ọ̀yọ́ tán, ìyá rẹ̀ dé. Fọ́tò Pásítọ̀ wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa, nítorí àwa náà la yà á. Pásítọ̀ wọ gáùn, apá tirẹ̀ sì yàtọ̀. Wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa, ihò kan wà láàárín tí ọwọ́ ń gbà yọ, ìyókù apá náà sì jù sísàlẹ̀ gbọọrọ bí ìrù, ó kọjá orúnkún. Ìyá dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó, wò ó.

“Ìyàwó, irú apá yìí ni kóo ṣe fún ọmọ mi.”

Mo ní, “Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ṣàlàyé fún mi o. Wọ́n ní tiwọn là sílẹ̀ ni.”

“Ó là sílẹ̀ kẹ̀? Aṣọ tó kéré báyẹn? Ṣé ọmọ mi ò tó agbádá ni? Ẹ̀yin ò mọ̀ pé bí apá aṣọ bá ṣe ń wọ́lẹ̀ tó náà ni iyì ẹni ń tó ni? Kí Bàbá Kékeré rí i kó ní gbogbo ẹ̀ ò ju yẹn lọ! Nǹkan funfun tó rẹwà yẹn náà, kí ló dé tí ẹ fẹ́ kó o sẹ́yìn? Ẹ fà á wá síwájú.”

Mo yarí pé húùdù kì í ṣe ìborùn, n ò ní fà á síwájú. Ìyẹn ni mo rí gbà. Lórí ọ̀rọ̀ apá, baálé mi dá mi lẹ́kun. Ó ní oníbàárà ló ni fọ́tò, àti pé ta ni yóò ka apá gáùn n'Ìbàdàn? Inú bí mi. Ẹni tó wọ aṣọ ti sọ bó ṣe rí, ẹni tí kò rí i rí ń sọ bó ṣe yẹ kó rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni baálé mi sì lọ dúró sí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí nígbà náà, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Orí bébà fọ́tò a máa yọ̀, ọ̀dà olómi kì í dì í mú àfi tí a bá kọ́kọ́ fi òróòro màlúù díẹ̀ pa á. Àwọn alápatà Ọjà'ba ló ń tà á fún mi, wọ́n sì ti gbà láàárín ara wọn pé àjẹ́ ni mí. Èédú àtùpà tí a lọ̀ kúnná tí a sì fi oje igi pò ni dúdú mi. Gáùn dúdú kì í sì í ṣe dúdú lásán. Bí o bá kùn ún ní dúdú kan náà láti òkè délẹ̀, ihò lo gbẹ́ sára ènìyàn, kì í ṣe aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́po, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á gbọ́dọ̀ pupa rúsúrúsú díẹ̀ nínú dúdú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wa ti bá tíṣà, nítorí náà fìlà tí mo dé e gbọ́dọ̀ ju òjìji sí iwájú orí rẹ̀, kí òjìji náà sì wọ́ sọ́tùn-ún. Ẹni tó bá gbàgbé òjìji yìí, fìlà rẹ̀ á dà bí ìdérí ìkòkò tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa. Mo ṣe ìrù apá náà dáadáa pẹ̀lú, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ tí ìdúpẹ́ ku ọ̀la, tíṣà ti Ọ̀yọ́ dé, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù wa kọjá lọ sílé. Baálé mi ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láti ya èyí tí mo kùn. Tíṣà wo fọ́tò náà, ẹ̀rín tó bá wọlé kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó ní, “Ta ló wọ èyí fún mi?”

Mo ní, “Ìyá yín ni.”

Ó jókòó pẹ̀ẹ̀. Ó ní oyè méjì ló wà, ọ̀kan ju ọ̀kan lọ. Gáùn alápá gbayawu àti húùdù onírun funfun, ti oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n. Apá oníìrù, ti oyè kejì ni, húùdù tirẹ̀ kò sì ní irun, sílíkì ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ohun tí mo kùn kì í ṣe aṣọ ẹnikẹ́ni láyé. Ọrùn rẹ̀ ń pe oyè kan, apá rẹ̀ ń pe òmíràn.

“Pásítọ̀ náà sì ni ó ni apá yìí. Ìrù gáùn ara rẹ̀ ni yóò bá lára mi. Ó máa ní mo jí oyè ni. Kò ní í béèrè mọ́ bóyá mo yege tàbí n ò yege.”

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ pé ó dé, òun náà wọlé bá wa. Tíṣà bẹ̀ ẹ́. Ìyá ní òun ò gbọ́. Ó ní, “Èyí tó rẹwà nìyí, èyí lọmọ mi!” Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà, ohùn ìyá ti ń lọ sókè débi pé àwọn tó ń kọjá lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń yọjú. Baálé mi dúró láàárín wọn, kò mọ ẹni tí yóò dá lóhùn. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo fa fọ́tò náà sọ́dọ̀, mo rẹ òwú sínú omi, mo fún un títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo sì gbé e lé ìrù apá òsì.

Ìyá lọgun. Baálé mi pè mí lórúkọ tí kì í pè mí níwájú ènìyàn. N ò gbójú sókè. Bí omi bá pọ̀ jù, awọ ojú bébà náà á hó, fọ́tò á bàjẹ́ pátápátá, kò sì sí bébà ńlá mìíràn nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń nù ún, mo ń pààrọ̀ òwú, dúdú ń tẹ̀ lé òwú, apá kóòtù tíṣà sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Mo nu ọ̀tún tán. Ìyá ti jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa.

Mo kun apá gbayawu. Tíṣà dúró lẹ́yìn mi, ó ń sọ ibi tí ṣónṣó rẹ̀ yóò dé, mo ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, baálé mi yà á, ó wọ yàrá òkùnkùn lọ fi oògùn fọ́tò fọ àwo rẹ̀. Ó jáde, ó ní àwòrán náà yọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ títí ilẹ̀ fi mọ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run ṣú. Oòrùn ni a fi ń tẹ fọ́tò nígbà náà. A ó fi àwo àti bébà sínú férémù, a ó gbé e sí gbangba, bébà yóò máa dúdú fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá wà, kì í pẹ́. Láàárọ̀ yẹn, kò wà. Agogo ìsìn ti lù, mo ti gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, èmi ṣì dúró nínú àgbàlá pẹ̀lú férémù lọ́wọ́, mò ń lé ibi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wà kiri bí adìẹ tó ń wá ìyàngbò. Mo ṣí ẹ̀yìn férémù wò, ojú tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí ẹni tí kò fẹ́ wá. Òjò kán lé mi lọ́wọ́. Mo bú òjò yẹn, n ò lè sọ ohun tí mo sọ fún un níhìn-ín. Baálé mi bọ́ síta, ó gba férémù náà lọ́wọ́ mi, ó gun àkàbà lọ sórí òrùlé, ó sì jókòó síbẹ̀ tòun ti kóòtù Sọ́ńdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni oòrùn ti yọ sí i. Ẹ̀rín pa mí, inú mi sì yọ́ sí i. A rẹ ẹ́ sínú oògùn, a fọ̀ ọ́, a fi bébà fa omi rẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ó ṣì tutù díẹ̀ nígbà tí a gbé e dé Pópó Yemọja.

Ìsìn ti parí, Pásítọ̀ ti jókòó. Ẹbí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Kékeré gba fọ́tò lọ́wọ́ mi kí n tó kúnlẹ̀ tán, ó wò ó, ó sì gbé e fún Pásítọ̀. Ó ní, “Ẹ bá wa wò ó, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Àwa ò mọ̀wé.” Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Pásítọ̀ fi awò sójú, ó gbé fọ́tò náà lọ síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, apá gáùn tèmi ní ìrù. Kí ló dé tí tìrẹ ò ní?”

“Oyè kejì ló ni ìrù, sà. Àkọ́kọ́ ni mo gbà.”

“Irun etí húùdù yìí ńkọ́?”

“Ti àkọ́kọ́ náà ni, sà. Sílíkì ló wà nínú tiyín.”

Pásítọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i tí èjìká ìyá tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà mí. Pásítọ̀ ń padà bọ̀ wá síjòókòó rẹ̀ nígbà tó tún béèrè, bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ, “Ó mọ́ gan-an. Níbo ni wọ́n ti yà á?”

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ìyá ti dáhùn. “Sàró ni, sà! Sàró ni wọ́n ti yà á!”

Àga wa tó ní orí kìnnìún lápá ni tíṣà jókòó lé nínú fọ́tò náà. Pásítọ̀ ti jókòó lé e rí, nínú ṣọ́ọ̀bù wa, orí kìnnìún kan náà ló di mú. Ó tún bojú wo fọ́tò, ó sì gbójú sókè, èmi ló wò. Mo wolẹ̀. Bàbá Kékeré ti rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, ó ti ń na ọrùn.

Tíṣà dìde. Ó ní, “Rárá, sà. Ìyá mi ò mọ̀ ni. Bẹ́yẹrúnkà la ti yà á, kóòtù ni mo wọ̀. Ìyàwó onífọ́tò ló kun gáùn náà sí i. Mo wọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Sàró, mo sì dá a padà fún àwọn tó ni ín.”

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ gbọ́ o! Kíkùn ni wọ́n kùn ún!”

Pásítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, èmi náà dá tèmi padà lọ́jọ́ tí mo joyè. Ọ̀rẹ́ mi ló ni èyí tí ẹ ń rí lọ́rùn mi ní fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọn.” Ó na fọ́tò náà sí i. “Ẹni tó bá fẹ́ jí oyè, ìrù apá ni yóò kọ́kọ́ jí. Ẹ wò ó, kò sí ìrù níbẹ̀.” Ó yíjú sí tíṣà, ó ní kó wá bá òun ní ilé míṣọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé.

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ń gbé fọ́tò náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé gáùn náà mà kéré o. Ṣùgbọ́n ìyá kò sí láàárín wọn. Mo lọ wò ó ní yàrá, nítorí mo rò pé èmi ni yóò dá ẹ̀bi fún. Tíṣà ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ìyá náà sì kọjú sí ògiri.

Ìyá ní, “O sọ mí di onírọ́ lójú ẹbí bàbá ẹ.”

“Ẹ má bínú, Ìyá mi. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n gba irọ́ lórí fọ́tò, bí ìwé ẹ̀rí mi bá dé, irọ́ ni wọ́n á pe òun náà.”

A gbọ́ tí wọ́n ń kọrin lóde, a gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré tó ga ju tàwọn yòókù lọ nínú orin náà. Ìyá yíjú wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀.

Ó ní, “Dìde ńlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé kì í fi kóòtù nulẹ̀.”